Ẹ̀rín tí ò ní fa ojú ọgbẹ́: mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí Àǹtí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fíbírọ́ìdì fún àbúrò màámi ní Wẹ́sìlì n'Íléṣà, ikùn ni wọ́n là. Ifẹ̀ ni mo wà, ìdánwò ò jẹ́ kí n lè lọ títí di Sátidé. Aláwàdà ni Àǹtí mi, aṣọ ni wọ́n ń tà l'Átàkúnmọ́sà, mi ò fẹ́ fi àdúrà gígùn tí gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn, mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí mo kọ rèé: "Àǹtí mi ọmọge, fíbírọ́ìdì ti lọ, ikùn ti wọlé, ẹ ti ṣe tán láti máa wọ aṣọ tó fún báyìí! Ó ti tán, kò sí wàhálà mọ́ láéláé. Ẹ tètè dìde kí ẹ wá gúnyán fún mi jàre. Mo ti sọ fún gbogbo gúrúùpù fámílì kí wọ́n máa gbàdúrà. Ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá rí i." Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Ìdáhùn: Má tíì fi ránṣẹ́ ọmọ mi. Ìfẹ́ wà nínú ẹ̀, ó hàn, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo gbólóhùn tó wà níbẹ̀ ló máa dùn wọ́n níbì kan, òmíràn nínú ara, òmíràn nínú ọkàn. Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni mo ti ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí wọ́n ti ń ka irú mẹ́sẹ́ẹ̀jì yìí lóríṣiríṣi, mo mọ èyí tí wọ́n máa ń kà lẹ́ẹ̀mejì àti èyí tí wọ́n máa ń ka ìlàjì tí wọ́n á dojú fóònù délẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ara wọn ṣe máa rí lọ́jọ́ kẹta yìí fún ẹ. Tí wọ́n bá la ikùn èèyàn, kì í ṣe awọ nìkan ni wọ́n la, wọ́n la ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lábẹ́ awọ kí wọ́n tó dé ibi tí kókó yẹn wà, wọ́n sì rán gbogbo ẹ̀ padà. Kò sì sí ohun tí èèyàn ń ṣe láyé yìí tí ikùn ò bá a dá sí i, béèyàn wúkọ́, ikùn á le, béèyàn sín, á le, béèyàn fẹ́ dìde jókòó, á le, béèyàn wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi tó ń gbọn èjìká yẹn, ńṣe ni ikùn á máa le tí á máa dẹ̀ lemọ́lemọ́, ojú rírán á máa fà. Òun la ṣe máa ń kọ́ wọn pé kí pílò wà nítòsí, tí ikọ́ bá ti fẹ́ dé tàbí tí ẹ̀rín bá ti fẹ́ bọ́, kí wọ́n fi pílò tẹ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀rín ò ní já okùn rírán o, kó o má lọ bẹ̀rù pé o máa pa èèyàn, kódà a fẹ́ kí wọ́n máa mí kanlẹ̀ dáadáa kí àyà wọn má bàa dí. Ó kàn ń dùn wọ́n ni, ó sì ń dùn gan-an. Mo ti rí ìyá tó ń rẹ́rìn-ín tó ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà tó ń na ọwọ́ sí àbúrò ẹ̀ pé kó jáde, kó jáde, kó má pa òun.

Nítorí náà ẹ̀rín tó o ń wá kọ́ ni ẹ̀rín àrínyíràá. Ẹ̀rín músẹ́ lò ń wá, èyí tí ojú ń rín tí ikùn ò gbọ́. Bó o ṣe máa rí i ni pé kí àpárá ẹ jẹ́ ẹyọ kan, kó jẹ́ èyí tó ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, má to àpárá méjì mẹ́ta léra wọn nítorí èkejì ló máa ń bá èèyàn nígbà tí èkíní ò tíì kúrò lára, ibẹ̀ lẹ̀rín ti ń di ìnira. Má sì fi fídíò aláwàdà tì í lẹ́yìn. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì.

Ká wá wo ohun tó o kọ. Ọ̀rọ̀ ikùn tó wọlé àti ọmọge yẹn, yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ìwọ mọ̀ pé fíbírọ́ìdì ni wọ́n yọ, àmọ́ ṣé o mọ ohun mìíràn tí wọ́n yọ pẹ̀lú ẹ̀? Ó ní iṣẹ́ abẹ tó jẹ́ pé kókó nìkan ni wọ́n máa kó jáde, wọ́n á fi ilé ọmọ sílẹ̀, ó sì ní èyí tó jẹ́ pé wọ́n á yọ ilé ọmọ lápapọ̀ nítorí kókó ti pọ̀ jù tàbí nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, àti pé nígbà mìíràn inú tíátà ni dókítà ti máa ń mọ̀ pé èyí tóun rò tẹ́lẹ̀ kọ́ lòun máa ṣe. Obìnrin lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kó máa ro ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, yálà ó ti bímọ tó fẹ́ bí tán tàbí kò tíì bí, kò jẹ́ nǹkan kan náà, ẹ̀yà ara ẹ̀ ni. Ìwọ wá rán an létí nínú àwàdà pé nǹkan kan ti kúrò níkùn ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irọ́ ni. Ikùn tí wọ́n là máa ń wú fún ọjọ́ bíi mélòó kan ni, aṣọ wọn á tún fún wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á wo ara wọn wọ́n á ní ọmọ yìí mà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó ti tán" náà, mo mọ̀ pé àdúrà lo fi ṣe. Àmọ́ ẹran tí wọ́n bá yọ lára èèyàn, láàbù ni wọ́n máa ń gbé e lọ, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò finífiní, èsì ẹ̀ kì í sì í dé lọ́jọ́ náà, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíbírọ́ìdì kì í sábà jẹ́ nǹkan burúkú, èyí tó máa ń já sí jẹjẹrẹ ṣọ̀wọ́n gan-an, kò sídìí tí wọ́n fi máa kó ẹ̀rù sọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí èsì mọ̀ pé òun ń retí èsì, tó o bá wá kọ ọ́ pé kò sí wàhálà mọ́ láéláé, inú ẹ̀ lọ́hùn-ún á sọ pé ọmọdé ni, kò mọ̀. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tó sì dájú ni kó o bá wọn yọ̀ sí: wọ́n wọ tíátà, wọ́n jáde, wọ́n la ojú, wọ́n dìde rìn. Ìyẹn tóbi tó. "Ẹ kú ewu" tí Yorùbá ń kí ti gbé gbogbo ìyẹn dání, ìwọ ò sì kọ ọ́ rárá nínú èyí tó o fẹ́ fi ránṣẹ́, tí ìyá ẹ bá rí i, á béèrè lọ́wọ́ ẹ pé ta ló kọ́ ẹ láti máa bá àgbà ṣeré kó o tó kí i.

Ti iyán. Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ni wá, iyán ò ṣeé mú kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa, àmọ́ ọjọ́ kẹta yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ògì àti tíì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n láyè láti máa mu, òmíràn tiẹ̀ wà tí omi nìkan ló ṣì ń mu díẹ̀díẹ̀. Ìfun máa ń sùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn, ó máa ń gba àsìkò kó tó jí, àmì tí a sì fi ń mọ̀ pé ó ti ń jí ni pé afẹ́fẹ́ á jáde nídìí. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ìyẹn ni nọ́ọ̀sì ṣe ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀ tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá ńlá pé "Màmá, ṣé ẹ ti só?" Tí ìyá bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́ọ̀dù á hó yèè, àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì á máa kí i kú oríire bí ẹni tó bímọ. Kò síbi tí wọ́n ti ń pọ́n ìsó lé bẹ́ẹ̀ láyé mọ́.

Mo mọ̀ pé o ti ń rò ó báyìí pé àpárá ti délẹ̀. Sùúrù. Àpárá ara tó máa tẹnu ẹ jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹnu wọn jáde. Tí Àǹtí ẹ bá fúnra wọn pe màámi ẹ tí wọ́n sọ pé "wọ́n mà ti yìn mí fún ìsó lónìí o", ó ti di ti gbogbo yín, o lè fi ìlà kan dá a padà. Tí wọn ò bá sọ ọ́, o ò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n kì í fi ìdí àǹtí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àwàdà, bó ti wù kí àǹtí ọ̀hún lápàárá tó.

Ká tún padà sórí iyán díẹ̀, gígún gan-an tún lọ́ràn. Ẹni tí wọ́n la ikùn ẹ̀, bíi ọ̀sẹ̀ 6 la máa ń ní kó má fi gbé nǹkan wúwo, omi inú kẹ́ẹ̀gì, báálì aṣọ, ọmọ ọlọ́mọ, àti ọmọ odó. Kò pẹ́ tí wọ́n bá délé tí àwọn kan á ti máa sọ pé ṣé ẹ ò tíì yá ni. Tí àwàdà ẹ bá ń sọ pé kí wọ́n tètè dìde wá ṣiṣẹ́ fún ẹ, ó wà lẹ́gbẹ́ àwọn yẹn, bó o tiẹ̀ ń ṣeré. Yí i padà, jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ sí ọ lọ́rùn.

Ti gúrúùpù fámílì, ọmọ mi, èyí ló bí mi nínú díẹ̀. Ta ló ní kó o sọ fún wọn? Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í fẹ́ kí ọkọ àbúrò ọkọ wọn mọ̀ pé fíbírọ́ìdì ni. Tó o bá ti sọ ọ́, ó ti bọ́, má tún dárúkọ àìsàn náà níbẹ̀ mọ́, má gbé fọ́tò wọn sórí sítátọ́ọ̀sì, kó o sì sọ fún màámi ẹ kó mọ̀. Nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì tìẹ, má dárúkọ fíbírọ́ìdì rárá, "iṣẹ́ abẹ" náà ò pọn dandan, "ẹ kú ewu" ti tó. Fóònù tó wà lórí lọ́kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló ń rí ojú ẹ̀ tó bá tàn.

Wàyí o, níbo ni àpárá máa ti wá tí kò bá wá láti ara wọn? Ọjà. Ṣé o rí i, o ní nǹkan tí ẹlòmíì ń fi owó wá, o sì sáré kọjá lára ẹ̀. Oníṣòwò aṣọ n'Íléṣà, ọmọ Òṣómàáló ni. Àwọn bàbá wa tó ń ru aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè pé òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn, gbogbo èèyàn ló mọ̀ wọ́n. Àǹtí ẹ náà á ní àwọn tó jẹ wọ́n lówó, kò sí aláṣọ tí kò ní. Obìnrin tí wọ́n ní kó má lóṣòó, tó sì ní gbèsè láti gbà, àwàdà ti kọ ara ẹ̀ tán. Kò kan ikùn, kò kan ìwúwo, kò kan ẹni tó ń kú lọ, àwọn onígbèsè ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, Àǹtí ẹ ló sì jẹ́ alágbára inú ìtàn náà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kó o máa wò lára àpárá tó o bá fẹ́ ṣe fún aláìsàn, ta lẹ̀rín ń já lé lórí? Kó má jẹ́ òun.

Àpárá nìkan ò tó ṣá o. Tó bá jẹ́ òun nìkan lo kọ, á dà bíi pé ẹ̀rù ń bà ọ́ láti sọ̀rọ̀ gidi, aláwàdà ló sì máa ń tètè mọ ẹni tó ń fi àwàdà sá. Gbólóhùn òtítọ́ kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó kúrú, kó jẹ́ ohun tí ìwọ nìkan lè sọ. "Mo nífẹ̀ẹ́ yín gan-an" dáa, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Kí lo ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n wọ tíátà? O ò sọ fún mi, àmọ́ ó dá mi lójú pé o ṣe nǹkan kan, o ò lè jẹun, tàbí o ń wo fóònù nínú kíláàsì. Òun ni kó o sọ. Ibẹ̀rẹ̀ ni kó o fi sí, lẹ́yìn ìkíni, kí àpárá tó dé. Tó o bá fi sẹ́yìn pátápátá, ó máa pa wọ́n lẹ́kún, ẹkún sì ń fa ojú ọgbẹ́ bíi ti ẹ̀rín ni, kò yàtọ̀.

Ó yẹ kó rí báyìí, kó o yí ibi tí kò bá jẹ́ òótọ́ padà:

"Àǹtí mi, ẹ kú ewu o. Ẹ kú ìrọ́jú. Lọ́jọ́ tí ẹ wọlé yẹn, mo jókòó sí kíláàsì ni, mi ò gbọ́ nǹkan kan tí wọ́n kọ́ wa títí màámi fi pè pé ẹ ti lajú. Ẹ ṣeun tí ẹ lajú. Mo gbọ́ pé àwọn tó jẹ yín lówó l'Átàkúnmọ́sà ti ń ṣèpàdé, wọ́n ní dókítà ti ní kí Òṣómàáló má lóṣòó, wọ́n ti ń jẹran. Mo ní kí wọ́n máa rọra yọ̀, pé àga ni ẹ máa gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, èyí tó ní tìmùtìmù. Sátidé ni màá dé, màá fọ gbogbo aṣọ tó bá wà nílẹ̀, màá sì sùn ti yín mọ́jú kí màámi lè lọ sinmi. Oògùn á jẹ́, ara á mókun. Ẹ má dá èsì padà rárá o, ẹ sùn."

Wo bó ṣe rìn. Ìkíni wà níwájú, méjì péré. "Ẹ ṣeun tí ẹ lajú" ni ọkàn mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà, ó lẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ó sì wúwo, mi ò ní jẹ́ kó o yọ ọ́. Àpárá kan ni, ó ní ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí ó sì parí síbi àga tó ní tìmùtìmù, kò sí ariwo, kò sí àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín jákèjádò. Tó o bá fẹ́ fi ẹyọ kan sí i, fi sí i. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí ohun tó o fẹ́ ṣe, ó sì ní ọjọ́. "Tẹ́ ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n mọ̀" jẹ́ iṣẹ́ fún aláìsàn, òun ló tún máa jókòó ronú ohun tó fẹ́ béèrè, ojú á sì máa tì í. Aṣọ fífọ̀ àti sísùn ti aláìsàn, gbogbo ẹni tó bá mọ wọ́ọ̀dù mọ iye tí ìyẹn jẹ́. Àmọ́ béèrè lọ́wọ́ màámi ẹ kó o tó kọ ọ́, kó má jẹ́ pé wọ́n á ti dá wọn sílẹ̀ kó o tó dé, kó o sì rí i pé o lè ṣe é lóòótọ́, nítorí wọ́n á máa ka ọjọ́.

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, má ṣe fi ṣeré. Iye ìpè tó ń wọlé sórí fóònù aláìsàn lọ́jọ́ kẹta kì í kéré, gbogbo ẹ̀ ló ń béèrè ohun kan náà, ṣé ẹ ti jẹun, ṣé ó ṣì ń dùn yín, ẹnu á sì rẹ èèyàn kó tó sọ fún ẹnì kẹwàá. Nígbà tí ìwọ wá kọ "ẹ pè mí", o fi ara ẹ kún gbèsè wọn. Dá wọn sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ fọ́ìsì nóòtì lo fẹ́ lò nítorí pé ohùn dùn ju lẹ́tà lọ, òótọ́ ni, pàápàá tí wọn ò bá lè rí lẹ́tà kékeré láìwo gíláàsì. Ṣùgbọ́n rántí pé gbogbo wọ́ọ̀dù ló máa gbọ́ ọ, ìyá bẹ́ẹ̀dì kejì á ní "èwo ni ti Òṣómàáló", ẹ̀rín á wá ran gbogbo wọn, àwọn tí wọ́n rán ikùn wọn lánàá náà wà níbẹ̀. Má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ, má sì dárúkọ ẹni tó jẹ gbèsè, aráàlú kan náà ni gbogbo wa.

Ìgbà tó o fi ránṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Àárọ̀ kò dáa, àwọn dókítà ń yí wọ́ọ̀dù ká, wọ́n ń tú báńdéèjì, wọ́n ń gun abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán ló dáa jù, tàbí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn àlejò bá ti lọ tí ilé ìwòsàn wá dákẹ́, ìgbà yẹn ni ọkàn máa ń rò, mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó bá wọlé nígbà náà máa ń pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Tí wọ́n bá kà á tí wọn ò dáhùn, ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn, má fi àmì ìbéèrè tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá dáhùn pẹ̀lú àpárá tiwọn, dá ẹyọ kan padà kó o dákẹ́. Ṣùgbọ́n tí èsì wọn bá jẹ́ pé ara ń gbóná, tàbí ibẹ̀ ń dùn wọ́n ju ti àná lọ, tàbí omi tó ń rùn ń jáde lójú ọgbẹ́, àwàdà ti parí lójú ẹsẹ̀, pe màámi ẹ tàbí ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì wá wò ó, má sọ pé kí wọ́n fi nǹkan kan pa á, má júwe àgbo kankan.

Tí èsì láàbù bá sì dé tí gbogbo ẹ̀ dáa, jẹ́ kí Àǹtí fúnra wọn sọ fún ẹ. Ìgbà yẹn lo lè wá kọ "ó ti tán" yẹn.